Kí "See more" tó gé ọ̀rọ̀ yín

Ẹ̀yin ará wa ní Jọ́ọ̀sì, Bùkúrù àti àyíká, àpò èlùbọ́ mẹ́ta wà nínú yàrá kan ní ìlú yìí tí kòkòrò ìbá ti jẹ tán, kì í ṣe nítorí pé kò dára, bí kò ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni ò ka ìkéde rẹ̀ dé ibi tí orúkọ èlùbọ́ wà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yẹn la fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí a rí i pé púpọ̀ nínú wa tó ń tajà lórí Fesibúùkù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àwa mẹ́rin la máa ń jókòó pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹnì kan nínú wa ń ta àdìrẹ, ẹnì kan ń ta irú àti ata gígún, ẹnì kan ń ránṣọ, ẹnì kan ń tún fóònù ṣe. Ohun tí a jọ ń ṣe ni pé a máa ń ka ìkéde ọjà ara wa kí a tó gbé e síta. Arábìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ló wá bá wa lóṣù kẹta. Ó ti ń kéde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń tẹ Like fún un dáadáa, ṣùgbọ́n ará Jọ́ọ̀sì kan ò béèrè iye tó ń tà á. Òjò sì ti ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè yìí, èlùbọ́ á máa fa ọ̀rinrin, á dì, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́. Owó tó wà nínú àpò mẹ́ta yẹn ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ fún táàmù tó kàn.

Ohun tó kọ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé wa. A kí yín kú ọjọ́ òní, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá ẹ̀mí wa sí. Inú wa dùn láti sọ fún yín pé a ti ní èlùbọ́ tó dára jù lọ ní owó pọ́ọ́kú."

A ní kó ṣí i lórí fóònù òun fúnra rẹ̀, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ ṣe máa rí i. Fesibúùkù kì í fi ọ̀rọ̀ gígùn hàn tán. Ó máa ń fi ìlà díẹ̀ hàn, pàápàá tí fọ́tò bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó á kọ "See more". Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù ló máa tẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù arábìnrin yìí, "dá ẹ̀mí wa sí" ni ọ̀rọ̀ gé sí. Ẹ wò ó dáadáa: èlùbọ́ ò tíì jáde. Ẹni tó ń kọjá rí ìkíni, ó sì fọ́tò àpò funfun kan tí a so lẹ́nu. Ó lè jẹ́ sìmẹ́ńtì, ó lè jẹ́ ìrẹsì. Kí ló máa mú un tẹ "See more"?

Kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo fóònù ń gé ọ̀rọ̀ sí. Àwọn àgbà tó ti mú kí lẹ́tà fóònù wọn tóbi, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa rí. Ìdí nìyí tí a ò fi ń ka iye ọ̀rọ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé a gbà pé ìlà kìíní nìkan ló dájú pé wọ́n máa rí, a sì jẹ́ kí ìlà yẹn dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ èyí, ó bínú díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ Yorùbá ò ní kí èèyàn mọ́ nítorí ọjà ni?" Ọ̀rọ̀ bàbá wúwo, a ò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n a bi wọ́n pé: bàbá, ẹni tó ru ẹ̀kọ gbígbóná kọjá lójúlé yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ó kọ́kọ́ kí yín ni, àbí ó kọ́kọ́ ké orúkọ ohun tó rù? Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́kọ á ké orúkọ ẹ̀kọ, á sì ké bó ṣe gbóná tó, torí ẹni tó wà nínú ilé ò rí i, kò sì dúró dè é. Ìgbà tí wọ́n bá pè é wọlé ló máa kúnlẹ̀ kí wọn. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ló sọ ọ́, àwọn náà ló sì ti yàn ipò fún ìkíni: ẹ̀yìn ìgbà tí oníbàárà bá ti yíjú sí wa. Nítorí náà, a ò yọ ìkíni kúrò nínú ìkéde arábìnrin yìí. A gbé e sí ìlà kẹta.

Ó wá ku ohun tó máa wà ní ìlà kìíní. Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń gbà lọ ni pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ronú ọ̀rọ̀ dídùn. A ò ṣe bẹ́ẹ̀. A bi í léèrè pé, "Àwọn tó ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ yín nílé, kí ni wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó san owó?" A mú ìwé, a ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní wọ́n á béèrè bóyá iṣu lásán ni àbí wọ́n ti fi láfún lú u. Wọ́n á béèrè bóyá ó máa ń ní kókó. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń sọ jù, tí wọ́n tilẹ̀ ń sọ tìbínútìbínú, ni iyanrìn. Obìnrin kan sọ fún un pé ọkọ òun ti ṣíbí sílẹ̀ lójú àlejò nítorí iyanrìn tó rún lẹ́nu rẹ̀, tó ní òun ò mọ ọkà rò.

Bí a ṣe gbọ́ èyí, a mọ̀ pé ìlà kìíní ti dé. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè ò wá èlùbọ́. Ó ń wo fọ́tò ìgbéyàwó, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Bí a bá sọ fún un pé èlùbọ́ wa dára, a ń sọ ọ̀rọ̀ ara wa fún un. Bí a bá mẹ́nu ba iyanrìn tó rún lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló rí, á sì dúró wò ó ná. Ohun tó ń dá èèyàn dúró kò ju pé kó rí nǹkan tirẹ̀ níbi tí kò ti retí rẹ̀.

A kọ ìlà mẹ́rin sílẹ̀, a sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní: "Ojúlówó èlùbọ́ ti dé o!" Gbogbo ẹlẹ́lùbọ́ ló ń sọ èyí. Ẹ fi orúkọ ọjà mìíràn rọ́pò èlùbọ́, ìlà náà ò ní yí padà: ojúlówó bàtà, ojúlówó epo. Ìlà tó bá bá gbogbo ọjà mu kì í dá ẹnikẹ́ni dúró.

Èkejì: "Ṣé ẹ fẹ́ èlùbọ́ tí kò ní iyanrìn?" Ó sàn díẹ̀, iyanrìn ti wà níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìbéèrè tí èèyàn lè fi "rárá" tàbí "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn ti parí lójú ẹsẹ̀. Ó dáhùn nínú ọkàn rẹ̀, ó kọjá lọ.

Ẹ̀kẹta: "Ohun tí wọ́n ń fi sínú èlùbọ́ yín máa yà yín lẹ́nu!" Èyí máa dá èèyàn dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀sùn kan àwọn tó ń ta èlùbọ́, arábìnrin wa ò sì ní ẹ̀rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó tẹ̀lé e ò tóbi tó ìlérí rẹ̀. Ẹni tó tẹ "See more" tó sì bá iyanrìn lásán níbẹ̀ á ní wọ́n tan òun jẹ, kò sì ní dúró mọ́ nígbà mìíràn tó bá rí orúkọ wa.

Ẹ̀kẹrin: "Iyanrìn inú àmàlà yín kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó rokà."

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ wo iṣẹ́ tí ìlà yẹn ń ṣe. Ó dárúkọ ìyọnu kan pàtó tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń kà á. Ó gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ti bú láìṣẹ̀, obìnrin ilé sì ni yóò ra èlùbọ́. Ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìparí: tí kì í bá ṣe ẹ̀bi ẹni tó rokà, ẹ̀bi ta ni? Ọ̀rọ̀ àìparí yẹn ló ń ti àtàǹpàkò lọ síbi "See more". Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀, kò sí àmì ìyanu mẹ́fà, kò sí àwòrán iná.

Ìlà kejì gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè tí ìlà kìíní dá sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́: wọ́n á ju ìwọ̀ sómi dáadáa, ẹja á gbé e mì, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilé iṣẹ́ wọn. A kọ ọ́ pé: "Ibi tí wọ́n ti sá gbodo ló ti wọ̀ ọ́: ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́bàá títì, níbi tí mọ́tò ti ń ku eruku." Ẹ̀yin tó ti gba Òkè Ògùn kọjá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ ti rí iṣu tí a bó tí wọ́n tẹ́ sójú oòrùn.

Kí a tó lọ síwájú, a bi arábìnrin yìí ní ìbéèrè kan tó le: "Tiyín ńkọ́, níbo ni wọ́n ti sá a?" Kò mọ̀. A ní kò ní gbé ìlà yẹn jáde títí yóò fi mọ̀. Ó pe àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ṣakí, ẹni tó ń kó èlùbọ́ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní orí tápólì ni àwọn máa ń sá a sí, nínú ọgbà, wọ́n sì ń jọ̀ ọ́ lásẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán. Ó tún bu èlùbọ́ díẹ̀ látinú àpò kọ̀ọ̀kan, ó rokà nínú rẹ̀, àwa mẹ́rin jẹ ẹ́. Kò rún. Ìgbà yẹn ni ìlà yẹn tó di tirẹ̀. Ká ní ó rún ni, ìlà náà ì bá dára bí wúrà, a ò ní lò ó, torí ẹni tó fi iyanrìn pe oníbàárà tó sì ta iyanrìn fún un ti ba ara rẹ̀ jẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ìlú tí gbogbo Yorùbá ti mọra.

Bí ìkéde náà ṣe rí nígbẹ̀yìn rèé:

"Iyanrìn inú àmàlà yín kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó rokà.
Ibi tí wọ́n ti sá gbodo ló ti wọ̀ ọ́: ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́bàá títì, níbi tí mọ́tò ti ń ku eruku.
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Orí tápólì nínú ọgbà ni wọ́n ti sá tiwa ní Ṣakí, wọ́n sì jọ̀ ọ́ lásẹ́ kí ó tó wọ àpò.
Múdù la fi ń tà á. Ẹ lè kọ́kọ́ ra ìdajì, kí ẹ rokà wò."

Iye owó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti àdúgbò tí wọ́n ti lè wá gbà á. A pààrọ̀ fọ́tò pẹ̀lú. A mú àpò kúrò, a fi àmàlà dúdú tó ń dán sínú abọ́, kí ojú lè rí ohun tí ìlà kìíní ń sọ.

Ohun kan wà tó kan èdè wa gan-an. Púpọ̀ nínú wa ò ní àmì ohùn lórí fóònù, a sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà gígùn kò burú púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó yí i ká á tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìlà kìíní ò ní ohunkóhun tó yí i ká. Alágbàṣe ọjà kan kọ "Oko ti de" láìfi àmì sí i. Ọkọ̀ tó kó iṣu dé ló ní lọ́kàn. Àwọn kan kà á sí ọkọ, wọ́n ń kí i kú oríire, àwọn mìíràn kàn kọjá torí wọn ò mọ èwo ni. Ẹni tó bá ní láti ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé e ti lọ. Tí ẹ ò bá lè fi àmì sí i, ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣini lọ́nà. "Mọ́tò iṣu ti dé" ò nílò àmì kan kí ó tó yé ọmọ Yorùbá.

Kí a tó gbé tirẹ̀ jáde fún gbogbo ayé, a dán an wò lọ́nà méjì. Èkíní, a gbé e sórí Fesibúùkù, a sì yan "Only me" níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó lè rí i. Lọ́nà yìí, òun nìkan ló lè rí i, ó sì rí ibi tí "See more" gé e sí gan-an pẹ̀lú fọ́tò nísàlẹ̀. Ìlà kìíní àti apá kan ìlà kejì ló hàn. Ó tó. Lẹ́yìn náà ló wá yí i padà kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Èkejì, a ka ìlà kìíní nìkan sí etí ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wa. A ò sọ fún un pé ọjà ni. Ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, "Ẹ̀bi ta wá ni?" Ohun tí a ń wá nìyẹn. Tó bá ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ìlà náà ti kú. Tó bá ní "Kí lẹ ní lọ́kàn?", kò yé e nìyẹn, ẹ lọ tún un kọ. Ẹni tó bá béèrè ohun tí ìlà kejì yín ń dáhùn gan-an ni ẹ̀rí pé ìlà méjèèjì so mọ́ra.

Ó gbé e jáde ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago tó ti máa ń gbé tàtijọ́ jáde, kí a lè fi wọ́n wéra. Like ò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ti sọ fún un pé kó má ka Like. Ohun tí a ní kó kà ni iye ẹni tí kò mọ̀ rí tó kọ̀wé béèrè bí wọ́n ṣe máa rí ọjà gbà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ yìí, èèyàn mẹ́sàn-án ni, mẹ́fà sì rà. A ò ní sọ pé ìlà kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Fọ́tò yí padà, iye owó ti wà níbẹ̀, òṣù sì ti parí, àwọn tó ń gba owó oṣù ti gbà á. Ṣùgbọ́n márùn-ún nínú àwọn mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú iyanrìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí a mọ ohun tó dá wọn dúró. Ẹ máa wo gbólóhùn àkọ́kọ́ tí oníbàárà fi bá yín sọ̀rọ̀. Tó bá jọ ìlà kìíní yín, ìlà náà ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a ò lè fi sílẹ̀ nítorí ibi tí à ń gbé. Oníṣòwò kan tó ń ta àtùpà olóòrùn kọ ọ́ sí ìlà kìíní pé, "Ẹ má jáde lálẹ́ òní o, ẹ ti ilẹ̀kùn yín!" Nísàlẹ̀, lẹ́yìn "See more", ó ní kí wọ́n jókòó sílé gbádùn ìmọ́lẹ̀ àtùpà òun. Ó ń ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn da ìlà kìíní nìkan kọ, wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin kan ti ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ọkọ ń pe ìyàwó, ìyá ń sáré lọ mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́ àfikún. Ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, tàbí ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, kì í dúró ka ìlà kejì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ohun tó ń tẹ̀lé e rí.

Nítorí náà, a ní ìdánwò kẹta fún gbogbo ìlà kìíní: bí wọ́n bá gé e kúrò lára ìyókù, tí wọ́n fi òun nìkan ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ wá, ṣé ó lè kó ẹnikẹ́ni sí ìpayà tàbí kó dá èdè àìyedè sílẹ̀ láàrín àwa àti àwọn aládùúgbò wa? Bó bá lè ṣe é, a ò ní lò ó, bó ti wù kó dá èèyàn dúró tó. Oníàtùpà yẹn náà ò ṣaláìní ìlà tó dáa. "Iná lọ láago méje, ọmọ yín ò sì tíì ṣe iṣẹ́ àmúrelé" máa dá ìyá ọmọ dúró, kò sì ní lé ẹnikẹ́ni kúrò lọ́jà.

Tí ẹ bá ní ọjà tí kò lọ, ẹ mú ìwé kan lọ́la. Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún tí àwọn oníbàárà yín fẹnu ara wọn sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe. Ẹ wo èyí tí inú bí wọn jù nínú rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa tí ẹ bá fẹ́, kí a jọ wò ó ní ọjọ́ Àìkú.